Owó-orí tààrà àti èyí tí kì í ṣe tààrà: ta ló ń ru ẹrù rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló ń yọ owó-orí kúrò nínú owó-oṣù, òun náà ló ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Ṣé owó-orí tààrà ṣì ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó gbé owó dé ọ̀dọ̀ ìjọba kọ́ la fi ń dá wọn mọ̀. Ọ̀gá kàn ń bá òṣìṣẹ́ gbé e lọ ni. Iye tó wọlé fún òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ṣírò owó náà, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ẹ̀, bí wọ́n bá sì yọ ọ́ jù, òun ló ni àtúngbà. Owó-orí èrè ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ tààrà.

Tí o bá ra ìwé àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: owó-orí ọjà tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe tààrà. Olùtajà ni ìjọba mọ̀, kò mọ̀ ọ́. Òfin gbà pé olùtajà á fi owó-orí náà kún iye ọjà, kí ẹrù rẹ̀ lè bọ́ sọ́rùn ẹni tó rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ibodè àti owó-orí sìgá.

Ìbéèrè: Iye kan náà ni olówó àti tálákà ń san lórí ọjà. Ṣebí ìyẹn ló tọ́?

Ìdáhùn: Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Àdùkẹ́ ń gba 1,000 lóṣù, Àjàní ń gba 5,000. Kálukú wọn ra ọjà 200, owó-orí ọjà sì jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Kálukú san 20. Fún Àdùkẹ́, ìdá 2 nínú 100 owó-oṣù rẹ̀ nìyẹn. Fún Àjàní, kò tó ìdá kan, 0.4 péré ni.

Ká wá ní òfin owó-oṣù dá 500 àkọ́kọ́ sí, ó sì gba ìdá 20 nínú 100 ohun tó kù. Àdùkẹ́ á san 100, ìyẹn ìdá 10. Àjàní á san 900, ìyẹn ìdá 18. Owó-orí tààrà lè wo ipò ẹni kó tó bu iye lé e. Owó-orí ọjà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò mọ ẹni tó ń rajà. Ohun tí ìjọba lè ṣe ni pé kó yọ àwọn ọjà kòṣeémánìí kúrò nínú rẹ̀. Èmi ò rí i pé ó tọ́ ká pe 20 tàwọn méjèèjì ní ìdọ́gba.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ìgbà ni oníbàárà ń ru owó-orí ọjà tán?

Ìdáhùn: Rárá. Ká ní ọjà kan jẹ́ 100, ìjọba wá bu 10 lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí àwọn oníbàárà bá lè yà sídìí ọjà mìíràn, olùtajà ò ní lè tà á ní 110. Ó lè tà á ní 106, kó san 10 fún ìjọba, kó ku 96 sí i lọ́wọ́. Oníbàárà ru 6, olùtajà ru 4. Tó bá jẹ́ oògùn tí aláìsàn ò lè ṣe aláìrà ni, oníbàárà ló máa ru èyí tó pọ̀ jù. Síbẹ̀, orúkọ owó-orí náà kò yí padà nínú méjèèjì.