Kànga 60, iye mẹ́ta: bí ọ́dítọ̀ ṣe ń mọ̀ bóyá owó ìjọba ṣiṣẹ́

Rìsíìtì lè pé, ìwé kọ́ńtíráàtì lè wà létòlétò, kí omi má sì sí nílùú. Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni èyí tó ń wo bóyá owó tó jáde bá ìwé mu, àti bóyá òfin fọwọ́ sí i. Oríṣi àyẹ̀wò kejì ń bi í léèrè pé kí ni ará ìlú rí gbà nídìí owó náà. Ibi tí irú àyẹ̀wò yìí ti ń dára tàbí bà jẹ́ ni tábìlì tí ọ́dítọ̀ ti kọ ìbéèrè rẹ̀, kó tó gbéra lọ síbì kankan.

Ẹ jẹ́ ká fi kànga ẹ̀rọ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìjọba ìpínlẹ̀ kan ná 480 mílíọ̀nù náírà láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ 60 sí àwọn abúlé. Bí ọ́dítọ̀ bá kọ ọ́ pé "Ṣé wọ́n ná owó yìí dáadáa?", iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kọmíṣánnà á ní bẹ́ẹ̀ ni, alátakò á ní rárá, kò sì ní sí ohun tí a ó fi mọ ẹni tó jàre. Ìbéèrè gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lórí iye tí wọ́n rà á. Kànga kan gba mílíọ̀nù 8. Ṣé ó ṣeé ṣe láti gbẹ́ irú rẹ̀ ní owó tó dín, láìba iṣẹ́ jẹ́? Iye tí àwọn agbaṣẹ́ṣe yòókù pè é àti iye tí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn san ni òṣùwọ̀n níbí, àmọ́ irú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹni tó bá fi kànga orí àpáta Ìbàdàn wé kànga inú yanrìn Èkó ti ṣìnà.

Ìkejì ni iye kànga tí owó náà mú jáde ní tòótọ́. Ká ní 40 nínú 60 ló ń ṣiṣẹ́. Mílíọ̀nù 8 ti di mílíọ̀nù 12 fún kànga kọ̀ọ̀kan tó lómi. Ṣùgbọ́n kí ni "ń ṣiṣẹ́"? Bí ọ́dítọ̀ kò bá ti là á sílẹ̀, kànga tó ń sẹ̀ ní ìgbà òjò tó sì ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn yóò wọ inú iye náà. Òṣùwọ̀n tó dáa á sọ pé kí omi jáde lọ́jọ́ àbẹ̀wò, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tún ẹ̀rọ ṣe nítorí àlejò. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an níbi tí wọ́n bá ti kéde àbẹ̀wò ṣáájú. Bóòtì tuntun lára páàǹpù tó ti dípẹtà máa ń tú àṣírí, àwọn tó ń pọnmi níbẹ̀ sì mọ ọjọ́ tí omi dé.

Ìkẹta ni bóyá ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ kànga wáyé. Níbí, òṣùwọ̀n ti wà nílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Yúnísẹ́ẹ̀fù ka omi sí èyí tó tó ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀ bí àlọ, àbọ̀ àti ìdúró lórí ìlà kò bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ní omi mímu kò gbọ́dọ̀ ní kòkòrò inú ìgbẹ́ rárá nínú mìlílítà 100 tí wọ́n bá yẹ̀ wò. Bí 30 péré bá yege nínú méjèèjì, kànga kan tó ṣe ohun tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún ti di mílíọ̀nù 16. Owó kan náà nìyẹn, ìlọ́po méjì iye tó wà nínú ìwé.

Òṣùwọ̀n kì í ti inú orí ọ́dítọ̀ jáde. Òfin ló kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ìwé kọ́ńtíráàtì àti ìlérí tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ sínú ètò ìnáwó, kó tó kan ìlànà àwọn onímọ̀. Ìlànà àgbáyé fún irú àyẹ̀wò yìí, tí wọ́n ń pè ní ISSAI 3000, ní kí ọ́dítọ̀ jíròrò òṣùwọ̀n náà pẹ̀lú iléeṣẹ́ tó fẹ́ yẹ̀ wò. Ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí iléeṣẹ́ tó bá ti rí òṣùwọ̀n ṣáájú kò ní ráyè sọ lẹ́yìn èsì pé wọ́n fi ohun tí òun kò mọ̀ wọn òun.

Ààlà wà o. Ní Bìrìtéènì, òfin ọdún 1983 tó dá iléeṣẹ́ ọ́dítọ̀ àgbà wọn sílẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n bèèrè bóyá ohun tí ìjọba ń lépa tọ̀nà. Ọ́dítọ̀ tó bá ń tẹ̀ lé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé ilé ìwé ni ó yẹ kí wọ́n kọ́ dípò kànga. Kò sì yẹ kó kọ ọ́ pé kànga ló dín àìsàn onígbáméjì kù, bí àjẹsára bá dé abúlé lọ́dún kan náà.

Ó wá ku 20 tí kò lómi. Bí wọ́n bá yọ páàǹpù, tí okùn ìwọ̀n sì kan ìsàlẹ̀ ní mítà 30 níbi tí kọ́ńtíráàtì ti ní 60, agbaṣẹ́ṣe àti ẹni tó buwọ́ lù ú pé iṣẹ́ parí ni àbá ọ́dítọ̀ máa dojú kọ. Bí kànga bá jìn tó, tó jẹ́ pé páàǹpù ló jó tí abúlé kò sì rówó ra òmíràn, a jẹ́ pé ètò náà kò fowó àtúnṣe sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lílé agbaṣẹ́ṣe kò ní mú omi jáde nínú ìyẹn.