Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìwọ̀n Ooru Afẹ́fẹ́ Tí Ó Jáde Lára Kọ́ìlì Omi Gbígbóná

Nínú ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ilé ńlá ní ìgbà òtútù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, omi gbígbóná ń gba inú páìpù kọ́ìlì kọjá, afẹ́fẹ́ tútù sì ń gba ẹ̀yìn páìpù náà kọjá ní ìbú. Ẹ jẹ́ kí a mú kọ́ìlì tí páìpù rẹ̀ jẹ́ ìlà kan ṣoṣo. Àwọn páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò mọ́ páìpù kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ apá kan dà pọ̀ mọ́ ti apá kejì. Omi ní tirẹ̀ máa ń pò pọ̀ nínú páìpù, tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ fi dọ́gba ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan. Omi ni a kà sí èyí tí ó pò pọ̀.

Níwọ̀n bí a kò ti mọ ìwọ̀n ooru tí omi àti afẹ́fẹ́ yóò fi jáde, ìmúnádóko, ε, ni a fi ń ṣírò: ìpín tí ooru tí ó kọjá ní tòótọ́ jẹ́ nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ tí ó lè kọjá. A kọ́kọ́ ń wá C ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe ìṣàn rẹ̀ ní ìlọ́po ooru tí kílógíráàmù kan ń gbà fún ìwọ̀n kan.

Bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ kílógíráàmù 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, C rẹ̀ jẹ́ 1.005 kW/K. Omi 0.4 ní 1.676. C afẹ́fẹ́ ni ó kéré, Cr, tí í ṣe C kékeré tí a fi C ńlá pín, sì jẹ́ 0.6. Bí UA kọ́ìlì náà, èyí tí í ṣe agbára rẹ̀ láti gbé ooru kọjá fún ìyàtọ̀ ìwọ̀n kan, bá jẹ́ 1.005 kW/K, NTU, tí í ṣe UA tí a fi C kékeré pín, jẹ́ 1. Nítorí pé omi tí C rẹ̀ pọ̀ jù ni ó pò pọ̀, àgbékalẹ̀ tí a ó lò nìyí:

```
ε = (1/Cr)·(1 − exp(−Cr·(1 − exp(−NTU))))
  = (1/0.6)·(1 − exp(−0.6·0.632)) = 0.526
```

Bí omi bá wọlé ní 80°C, tí afẹ́fẹ́ sì wọlé ní 5°C, ìyàtọ̀ jẹ́ 75. Afẹ́fẹ́ yóò jáde ní 5 + 0.526 × 75, èyí tí í ṣe 44.5°C. Omi yóò sì jáde ní nǹkan bí 56.3°C. Ìpíndọ́gba ni 44.5 yìí: afẹ́fẹ́ tí ó kọjá nítòsí ibi tí omi ti wọlé gbóná ju ti ìpẹ̀kun kejì lọ, nítorí náà tẹmómítà kan ṣoṣo tí a fi sí igun kan lè ṣì wá lọ́nà.

Bí ó ti wù kí a fẹ UA tó, pẹ̀lú Cr 0.6 yìí, ε kò lè kọjá 0.752, afẹ́fẹ́ kò sì lè gbóná ju 61.4°C lọ.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé jù ni ìgbà tí ìṣàn omi bá dín kù. Bí ó bá di 0.2, C omi di 0.838, omi ni ó wá kéré, ó sì tún jẹ́ èyí tí ó pò pọ̀, nítorí náà àgbékalẹ̀ mìíràn ni a gbọ́dọ̀ lò:

```
ε = 1 − exp(−(1/Cr)·(1 − exp(−Cr·NTU)))
```

Ní ojú iṣẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá tutù ju bí a ti ṣírò rẹ̀ lọ, ẹ wo omi tí ń jáde. Bí ó bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, ìdọ̀tí ti dín UA kù; bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi ni kò ṣàn tó.