Mélòó ni ẹ̀rọ ìfọ́kúta ń fi kún àsìkò tí mọ́tò iná fi ń gbéra?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò 75 kílówáàtì tí a fi ń yí ẹ̀rọ ìfọ́kúta wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gbéra kíá tí a bá tú bẹ́líìtì rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá dè é padà, ofalóòdù á já. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni ẹrù yìí ń fi kún un, báwo la sì ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Ìdáhùn: Nínú àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ ṣírò yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá 4. Àwọn kẹ̀kẹ́ irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà ló ń fà á, nítorí pé mọ́tò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún wọn ní eré kí òkúta kankan tó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan wúwo tó 600 kg, tí ó sì jẹ́ mítà 0.75 láti àárín dé etí. Ìdajì ìwúwo rẹ̀, tí a sọ di ìlọ́po mítà 0.75 lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 169. Tí a bá ro ti méjèèjì àti ti ọ̀pá tó gbé wọn pọ̀, ó tó nǹkan bí 350 kg·m². Ṣùgbọ́n 1480 ni mọ́tò ń yí ní ìṣẹ́jú kan, 296 sì ni ẹ̀rọ. Eré mọ́tò jẹ́ ìlọ́po 5, nítorí náà 25 la ó fi pín 350, yóò ku 14. Ẹ fi 1 ti mọ́tò fúnra rẹ̀ kún un.

```
J = Jm + Jc × (nc/nm)² = 15
t = J × n / (9.55 × T)
```

J ni àpapọ̀ iye kg·m² tí a ṣírò lókè yìí, m ń tọ́ka sí mọ́tò, c sí ẹ̀rọ, n ni iye ìyí ní ìṣẹ́jú kan, tí n lásán sì jẹ́ ti mọ́tò, t sì ni àsìkò ní ìṣẹ́jú-àáyá. T ni agbára ìyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ èyí tí ẹrù ń gbà. Bí mọ́tò bá ń mú 720 Nm wá, tí ẹ̀rọ òfìfo sì ń gba 120, 600 ló kù, àsìkò rẹ̀ yóò sì jẹ́ 3.9. Láìsí bẹ́líìtì, 0.2 péré ni. Bí fóltéèjì bá fi ìdá 20 nínú 100 wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, agbára mọ́tò yóò di 461, nítorí pé ìlọ́po fóltéèjì lẹ́ẹ̀mejì ni ó ń tẹ̀ lé. Àsìkò náà yóò sún mọ́ 7. Ofalóòdù kíláàsì 10 lè já láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4 sí 10 bí iná tí mọ́tò ń fà bá tó ìlọ́po 7.2 ti iye tí a gbé e sí. Kíláàsì 20 lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ìwé mọ́tò bóyá ó lè fara da ooru fún àsìkò yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé sítáà-dẹ́lítà, tí mọ́tò fi ń gbéra ní sítáà kí táímà tó yí i sí dẹ́lítà, kò ní yanjú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ìdá kan nínú mẹ́ta agbára mọ́tò ni sítáà ń fún wa: 240. Tí a bá yọ 120, 120 ló kù, àsìkò yóò sì di 19.4. Bí táímà yín bá wà ní 10, mọ́tò yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì eré rẹ̀ nígbà tí ó bá bọ́ sí dẹ́lítà, iná tí yóò fà nígbà náà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìgbéra tààrà. Ẹ máa wo ọwọ́ ámítà: bí kò bá tíì sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó yí padà, àsìkò náà kéré. Bí òkúta bá sì kù sí ẹnu ẹ̀rọ, tí ó ń gba 240 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí táímà tí yóò tó, nítorí pé T ti di òfo. Ẹ kó o jáde pátápátá kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.