Ọmọbìnrin Tó Ru Àkọ́so Iṣu Lọ sí Ìsìn Ìdúpẹ́

Ní oṣù kìíní ọdún 1843, Henry Townsend, míṣọ́nnárì láti Ìlú Ọba, wọ Abẹ́òkúta fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, àlùfáà Robert Stephen Hawker pe àwọn ará ìjọ rẹ̀ jọ ní Morwenstow, abúlé kan létí òkun ní Cornwall, pé kí wọ́n wá dúpẹ́ ìkórè. Ọkà tuntun ni wọ́n fi ṣe búrẹ́dì Oúnjẹ Olúwa lọ́jọ́ náà. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ wọn, kó tó di ohun ìgbàgbé. Hawker jí i, àwọn ìjọ mìíràn sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Townsend àti Àjàyí Crowther padà wá sí Abẹ́òkúta láti dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní 1846, nígbà tó sì yá, ìsìn ìkórè náà tẹ̀lé àwọn míṣọ́nnárì wá.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àkọ́so nínú Bíbélì. Ọ̀pọ̀ ìlú ló wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan iṣu tuntun títí wọn yóò fi ṣọdún ìjẹṣu. Títí di òní, wúńdíá láti ìdílé ọba ló ń ru igbá Ọ̀ṣun lọ sódò ní Òṣogbo, Ifá ló sì ń yàn án. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ wá kà á nínú Diutarónómì orí 26 pé kí èèyàn kó àkọ́so sínú agbọ̀n, kí ó gbé e tọ àlùfáà lọ, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wọn. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń ru àkọ́so ti rí àyè nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní abúlé wọn. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni oníkálukú ń kó iṣu jọ sí, ìjà iṣu ta ló kọ́kọ́ dé kì í sì í tán. Oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe ti àkọ́so, ìkórè ńlá dúró di oṣù kọkànlá. Kátíkísì ló pa ìjà náà: ilé tí iṣu rẹ̀ bá kọ́kọ́ gbó ni yóò fa ọmọbìnrin kan kalẹ̀ láti ru àkọ́so.

Bàbá Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i tí ebè sán, tí ewé ìsàlẹ̀ sì ti ń pọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàkùn ṣì tutù. Ní ìdájí Sátidé, igi ṣóńṣó ló fi tú ebè, kò lo ọkọ́, nítorí iṣu tuntun kún fún omi, ibi tó bá ti họ ni yóò ti jẹrà. Ó gé iṣu náà nísàlẹ̀ orí rẹ̀, ó sì fi erùpẹ̀ bo orí àti ìtàkùn padà kó lè ta ebu. Ó wá fi eérú pa ojú ibi tó gé. Iṣu mẹ́ta ló wà jáde lọ́nà yìí.

Àwọn àgbà kan kọminú. Wọ́n ní ṣé iṣu tí kò lórí ló yẹ ká gbé fún Ọlọ́run? Kátíkísì dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀yin bàbá, ebu ọdún tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ kí ọmọ yìí rù wá yẹn o.” Ni wọ́n bá dákẹ́.

Ní alẹ́ Sátidé wọ́n kọ́ Màmá Àgbà bí yóò ti rù ú. Bí wọ́n ti nà iṣu dúró nínú agbọ̀n, ó kọlu àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn. Wọ́n tẹ́ iṣu náà ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n fi okùn dì í mọ́ agbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ká aṣọ ṣe òṣùká, ó ní, “Tóo bá dé àtẹ̀gùn, orúnkún ni kóo tẹ̀, má tẹ ọrùn.” Màmá Àgbà sọ fún wa pé kò sun lóru ọjọ́ náà.

Ní àárọ̀ Sunday, àwọn akọrin ṣáájú, òun tẹ̀lé wọn, àwọn òbí rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó tẹ orúnkún ní àtẹ̀gùn bí ìyá rẹ̀ ti wí, ó sì rìn dé iwájú pẹpẹ láìfọwọ́ kan agbọ̀n. Obìnrin ìjọ méjì sáré dìde láti sọ̀ ọ́. Kátíkísì dá wọn dúró, ó ní Ìwé Mímọ́ sọ pé ọwọ́ àlùfáà ni yóò gbà á, níwọ̀n bí àlùfáà kò sì ti sí níbẹ̀, òun ni yóò gbà á. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé agbọ̀n náà kúrò lórí ọmọ, ó gbé e kalẹ̀, ó gbàdúrà.

Ní Monday, wọ́n ta iṣu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní básà. Láti ọdún kejì, ìjọ fi òfin kan kún un: ẹni tí ebè rẹ̀ bá sán yóò pe Kátíkísì wá wò ó kí ó tó fọwọ́ kàn án.