Òòyì tí jígí pírógírẹ́sífù máa ń fà

Jígí pírógírẹ́sífù ni jígí ojú tí agbára rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìní ìlà bíi ti báífókà, jígí alápá méjì tí ìlà pín sí méjì. Òkè rẹ̀ ni wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ìsàlẹ̀ wà fún ìwé kíkà. Varilux, ọ̀kan lára irú jígí yìí, tí Bernard Maitenaz ará Faransé ṣe, jáde ní 1959.

Ẹ̀gbẹ́ jígí náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1963, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Minkwitz fi ìṣirò hàn pé bí agbára bá ṣe ń yára pọ̀ sí i lójú ọ̀nà tó gba àárín, ìdàrú àwòrán yóò máa fi ìlọ́po méjì rẹ̀ pọ̀ sí i bí ojú ṣe ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Dáyọ́pítà ni wọ́n fi ń wọn agbára jígí. Ká ní ẹnì kan nílò àfikún 2.00 dáyọ́pítà fún ìwé kíkà, tí ọ̀nà àárín sì gùn ní mìlímítà 14. Bí ojú rẹ̀ bá yà kúrò láàárín ní mìlímítà 4 péré, ìdàrú náà ti lé díẹ̀ ní dáyọ́pítà 1. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè mú un kúrò pátápátá. Ibi tí wọn yóò tì í sí ni wọ́n lè yàn.

Tí èèyàn bá yí orí sí ọ̀tún, etí inú á mú kí ẹyinjú yí sí òsì, kí ohun tó ń wò má baà mì. Ọpọlọ ti mọ ìwọ̀n yíyí yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Àmọ́ ibì kan lára jígí tuntun ń sọ nǹkan di ńlá ju ibòmíràn lọ, nítorí náà ìwọ̀n àtijọ́ kò bá a mu mọ́. Ohun tí ojú ń sọ yàtọ̀ sí ti etí, ilẹ̀ á dà bí ẹni ń mì, òòyì á sì máa kọ́ni. Orí àtẹ̀gùn ló le jù, torí apá ìwé kíkà, tó wà fún nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40, ni ojú ń gbà wo ilẹ̀. Kéèyàn tẹ àgbọ̀n wálẹ̀ ló dára níbẹ̀.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó sábà máa ń mọ́ni lára. Ti àwọn mìíràn ń tó oṣù kan, pàápàá tí àfikún wọn bá pọ̀. Ẹni tó ń bọ́ ọ sílẹ̀ láti padà sí jígí àtijọ́ ń fa ọjọ́ náà gùn.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ ìwọ̀n wò. Ẹni tó ní láti gbé àgbọ̀n sókè gan-an kó tó lè kàwé, jígí rẹ̀ ti wálẹ̀ jù. Ẹni tó ń tẹ orí wálẹ̀ kó tó rí ọ̀nà jíjìn kedere, tirẹ̀ ga jù. Ẹni tó sì ń yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá láti kàwé, ó ṣeé ṣe kí àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì, tí wọ́n wọ̀n, má pé. Àmì kéékèèké méjì tó jìnnà síra ní mìlímítà 34, tí wọ́n fín sára jígí, ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi tó yẹ kó kojú ẹyinjú ni ó wà. Bí òòyì bá ń kọ́ni síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti bọ́ jígí fún ìgbà pípẹ́, dókítà ló yẹ kó wò ó.