Ohun tí «a kò rí àkọsílẹ̀» ń sọ nígbà tí a bá ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìbí òbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tí ó bá lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti béèrè ìwé ẹ̀rí ìbí fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tí wọ́n ti bí ní nǹkan bí ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, sábà máa ń bá èsì kúkúrú kan pàdé lójú ẹ̀rọ: No record found, pé wọn kò rí àkọsílẹ̀ kankan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbà lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí èsì yìí wí ni pé a kò forúkọ òbí àwọn sílẹ̀ rárá, wọn a sì sáré lọ búra. Èsì náà kò wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wí ni pé, pẹ̀lú orúkọ, ọdún àti ibi tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ kò rí ohun tí ó bá wọn mu nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí a kó fún un. Ó lè jẹ́ pé àkọsílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n tí ó wà lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ó lè wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé sórí kọ̀ǹpútà. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí i lóòótọ́. Ìgbésẹ̀ tí ó kàn kò rí bákan náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ èyí tí ó jẹ́ kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìwé ẹ̀rí ìbí fúnra rẹ̀ kì í ṣe àkọsílẹ̀. Àdàkọ ohun tí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni. Akọ̀wé ni ó fi ọwọ́ kọ orúkọ ọmọ àti ti àwọn òbí rẹ̀ sínú ìwé yẹn nígbà náà, ohun tí ó sì gbọ́ láti ẹnu ẹni tí ó wá sọ fún un ni ó kọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n yọ atọ́ka jáde láti inú ìwé náà, kí wọ́n lè máa fi orúkọ wá ojú ewé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹlòmíràn tẹ atọ́ka náà sínú kọ̀ǹpútà, nígbà mìíràn láti inú ìwé tí yíǹkì rẹ̀ ti ń parẹ́. Ibi tí wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà gbẹ̀yìn yìí nìkan ni fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń wò. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ wá lójú-òpó náà ni gbólóhùn tí ó sọ àwọn ọdún àti àwọn àgbègbè tí àkọsílẹ̀ wọn ti wà níbẹ̀. Bí ọdún ìbí òbí yín kò bá sí lára wọn, èsì tí ẹ rí kò já mọ́ nǹkan kan.

Ọdún pàápàá lè tan ènìyàn jẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, fún àpẹẹrẹ, òfin fún òbí ní ọjọ́ 42 láti fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, títí di ọdún 1983 ni wọ́n sì ń to atọ́ka ìbí wọn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, nípa ọjọ́ tí a forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe nípa ọjọ́ tí a bí ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kejìlá ọdún 1950 lè tipa bẹ́ẹ̀ wà nínú atọ́ka oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 1951, ẹni tí ó bá sì wá a ní ọdún 1950 nìkan kò ní rí i. Ibi ìbí náà lè tan ènìyàn jẹ bákan náà: ibi tí ilé ìwòsàn tàbí ilé tí wọ́n bí ọmọ sí wà ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe ibi tí ìdílé ń gbé, ààlà àgbègbè ìforúkọsílẹ̀ sì lè ti yí padà láti ìgbà náà wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn kan yẹ̀ wò dáadáa. Ọmọ kan ń béèrè fún ìyá rẹ̀. Nínú páásípọ́ọ̀tù ìyá náà, ọjọ́ ìbí wọn ni 01/01/1951, orúkọ tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ wọ́n sí ni Ṣọlá. Ọmọ náà kọ Sola, orúkọ ìdílé ọkọ, àti ọdún 1951 sínú fọ́ọ̀mù, kò sì rí nǹkan kan. Àṣìṣe mẹ́ta ni ó wà nínú ìbéèrè kan ṣoṣo yìí. Orúkọ ọkọ kò lè wà nínú ìwé tí a kọ nígbà tí ìyàwó ṣì jẹ́ ìkókó. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní sì sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí akọ̀wé kan fi dí àyè nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ gan-an, nítorí náà ọdún tí ó tẹ̀ lé e náà lè jẹ́ àbá. Ẹ̀kẹta ni pé Ṣọlá lè wà níbẹ̀ bíi Sola tàbí Shola, ó sì lè má sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé orúkọ mìíràn ni òbí sọ fún akọ̀wé lọ́jọ́ náà.

Ọmọ yìí kò tún fọ́ọ̀mù náà kọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ wá ìwé àtijọ́, mo sì gbà pé ohun tí ó tọ́ ni ó ṣe. Ìwé ìrìbọmi ìyá náà fi hàn pé wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1951 pẹ̀lú orúkọ Felicia. Àyè ọjọ́ ìbí ṣófo, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá àti orúkọ ìdílé tí ìyá-ìyá ti jáde wá wà níbẹ̀. Ìwé ìgbaniwọlé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ pé wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957. Ẹni tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ náà tí kò sì tíì pé méje kò lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1950, ẹni tí wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún ní oṣù Karùn-ún ọdún 1951 ti dé ayé ṣáájú ìgbà náà. Ìwé méjì tí kò sí ọjọ́ ìbí nínú èyíkéyìí nínú wọn ti sún àkókò náà sí nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n kọ nílé ẹ̀kọ́ lè jẹ́ àbá, ènìyàn sì lè pẹ́ kí ó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí náà ọdún 1949 sí 1952 ni ó bójú mu láti wá.

Ìwádìí kejì wá yàtọ̀. Ó wá Felicia, Sola àti Shola lábẹ́ orúkọ ìdílé bàbá. Ó wá wọn lábẹ́ orúkọ tí bàbá náà ń jẹ́ gan-an, nítorí pé àwọn akọ̀wé mìíràn a máa fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ìdílé ọmọ. Ó sì wá wọn lábẹ́ orúkọ ìdílé ìyá-ìyá, bóyá àwọn òbí kò tíì ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin nígbà náà. Ìwádìí tí ó máa ń so èso jù ni pé kí a fi àyè orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní òfo, bí fọ́ọ̀mù bá gbà á, kí a sì fi orúkọ àwọn òbí nìkan wá a. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a forúkọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ, «ọmọbìnrin» tàbí «ọmọkùnrin» nìkan ni ó sì wà níbi tí orúkọ yẹ kí ó wà. Nígbà tí gbogbo èyí kò mú nǹkan wá, ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ àgbègbè náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé kí òṣìṣẹ́ ṣí ìwé fúnra rẹ̀ wò. Ó so ìwé ẹ̀rí ìbí tirẹ̀, tí orúkọ ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti ìwé àṣẹ tí ìyá fọwọ́ sí mọ́ ọn, nítorí pé ọ́fíìsì kì í sábà dá ọmọ lóhùn lórí òbí tí ó ṣì wà láàyè bí kò bá sí àṣẹ. (Bí òbí bá ti kú, ìwé ẹ̀rí ikú ni wọ́n máa ń béèrè dípò rẹ̀.)

Òṣìṣẹ́ náà kò rí i. Ibí ni ìwé tí a ń pè ní ìwé ẹ̀rí àìrí-àkọsílẹ̀ ti wọlé, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí èsì ojú ẹ̀rọ. Àwòrán ojú ẹ̀rọ kò lágbára níwájú ọ́fíìsì kankan, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ tí kò sí kí ó sì ya àwòrán rẹ̀. Ìwé tí ó lágbára ni èyí tí ọ́fíìsì fọwọ́ sí, tí ó sì dárúkọ gbogbo orúkọ tí wọ́n wá, ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí wọ́n parí sí, àti àgbègbè tí wọ́n wo ìwé rẹ̀. Òfin ìṣíwọ̀lú Amẹ́ríkà, láti mú ọ̀kan, ní kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lórí ìwé tí orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba wà lókè rẹ̀, kí ó sọ ìdí tí àkọsílẹ̀ náà kò fi sí, kí ó sì sọ bóyá irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún àkókò àti ibi náà. Bí ìwé tí wọ́n fún yín bá sọ pé Sola nìkan ni wọ́n wá, ní ọdún 1951 nìkan, ẹ dá a padà kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìyókù kún un. Ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín yóò rí àlàfo náà.

Lẹ́yìn ìwé yìí, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì kan yóò gba ìwé àìrí-àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí àfidípò, bí ìwé ìrìbọmi, ìwé ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìwé ìbúra, iṣẹ́ á sì parí síbẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní kí ẹ lọ ṣe ìforúkọsílẹ̀ tí ó pẹ́, èyíinì ni pé kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìbí náà sínú ìwé lónìí. Ọ́fíìsì tí ó nílò ìwé náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, nítorí pé ìforúkọsílẹ̀ tí ó pẹ́ máa ń gba àkókò, ọjọ́ méjì ni ó sì sábà máa ń wà lára ìwé tí yóò jáde, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí a forúkọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá rí àlàfo àádọ́rin ọdún láàárín méjèèjì yóò tún béèrè ohun tí a fi ṣe é.

Bí a ṣe ń wọn ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ìwé tí a kọ nítòsí ọjọ́ ìbí, láti ọwọ́ ẹni tí kò ní ìdí láti parọ́, ni ó wúwo jù. Ìwé ìrìbọmi ọdún 1951 wúwo ju páásípọ́ọ̀tù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé páásípọ́ọ̀tù dára lójú jù. Káàdì ìdìbò, ìwé ìwakọ̀ àti páásípọ́ọ̀tù tí gbogbo wọn ń sọ 01/01/1951 kì í ṣe ẹlẹ́rìí mẹ́ta bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ni wọ́n fi gba èkejì. Ìwé ìbúra náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: ẹni tí ó dàgbà tó láti rántí ìbí náà ni ó yẹ kí ó búra, bí ẹ̀gbọ́n ìyá tí ó wà nínú ilé nígbà náà, kí ó sì sọ bí ó ṣe mọ̀. Ìbúra tí ìyá fúnra wọn bá ṣe nípa ọjọ́ tí wọ́n bí wọn fúyẹ́, nítorí pé ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń sọ.

Nínú ọ̀ràn tiwa, ọjọ́ 01/01/1951 wà láàárín oṣù mẹ́jọ tí àwọn ìwé àtijọ́ fi hàn, nítorí náà kò sí ohun tí ó takò ó, a sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó búra sọ pé nígbà ọyẹ́ ni wọ́n bí ọmọ náà, kò dárúkọ ọjọ́, kò sì yẹ kí agbẹjọ́rò tí ó bá a kọ ọ́ bá a wá ọjọ́ kan fi dí i. Bí ìwé ìrìbọmi bá ti ní ọjọ́ ìbí mìíràn nínú ni, bóyá oṣù Kọkànlá ọdún 1950, ọjọ́ yẹn ni yóò wọ inú ìforúkọsílẹ̀, páásípọ́ọ̀tù ni a ó sì tún ṣe lẹ́yìn náà, kì í ṣe ìwé ìrìbọmi.