Ìpín ìfarahàn kéré: ṣé owó ni kò tó ni?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta bátìrì ínfátà ní Bódìjà ní kí n bá àwọn yẹ ìpolówó àwọn lórí Google Ads wò. Kí n tó jókòó, wọ́n ti ní àwọn máa sọ owó ojúmọ́ di ìlọ́po méjì, torí pé `Search impr. share` àwọn kò ju 30% lọ. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná.

Ìpín ìfarahàn ni ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ: nínú gbogbo ìgbà tí ìpolówó wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde, ìdá mélòó ló jáde lóòótọ́? Ká ní ìgbà 10,000 ni láàárín oṣù kan, 3,000 péré ló jáde. Ohun méjì ló gbé 7,000 tó kù lọ. `Search lost IS (budget)` wọn jẹ́ 52%: owó ojúmọ́ ni kò gbé e. `Search lost IS (rank)` jẹ́ 18%: ipò wọn ni kò tó, bóyá owó tí wọ́n dá lé títẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló kéré, bóyá ìpolówó náà ni kò dáa tó.

Ẹni tó bá wo 52% yẹn nìkan á ní kí wọ́n fowó kún un. Èmi, ọ̀rọ̀ "lẹ́tọ̀ọ́" yẹn ni mo dì mú. Gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n yàn fún ìpolówó ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gbé bátìrì kọjá Ìbàdàn! Mo ṣí `Search terms`, níbi tí ohun tí àwọn èèyàn kọ sí Google wà, mo sì rí àwọn tó ń wá ẹni tí yóò tún ínfátà ṣe, iṣẹ́ tí wọn kì í ṣe rárá. Owó wọn ń lọ síbẹ̀.

A fi ibi tí ìpolówó yóò ti jáde mọ sí Ìbàdàn, a sì dínà àwọn ọ̀rọ̀ àtúnṣe. A ò fi kọ́bọ̀ kún owó. Lóṣù kejì, ìgbà tó lẹ́tọ̀ọ́ di 4,000: ìfarahàn 61%, ti owó 8%, ti ipò 31%. Ni ẹ̀gbọ́n bá figbe ta: "Ti ipò ti burú sí i!" Rárá o. 18% nínú 10,000 jẹ́ 1,800. 31% nínú 4,000 jẹ́ 1,240.

Ibi tí `Quality Score` ti wúlò nìyí. Máàkì tí Google ń fúnni ni; ọ̀rọ̀ àwárí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yàn fún ìpolówó ló ní tirẹ̀, láti 1 dé 10. Kì í ṣe nọ́ńbà yìí ni Google ń lò láti pín ipò; ó kàn ń tọ́ka sí ibi tó ń dunni ni. Torí náà, àwọn òpó mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mò ń kà. Ọ̀rọ̀ tó ń mú oníbàárà wá jù fún wọn gba 4: `Exp. CTR`, ìyẹn bóyá èèyàn á tẹ ìpolówó náà, àti `Ad relevance`, bóyá ó bá ohun tí wọ́n ń wá mu, jẹ́ `Average`; `Landing page exp.`, bí ojú ewé tó ń gbé wọn lọ ṣe rí, jẹ́ `Below average`. Mo tẹ ìpolówó náà lórí fóònù mi. Ó pẹ́ kó tó ṣí, ojú ewé àkọ́kọ́ ló sì gbé mi lọ, níbi tí kò sí bátìrì kankan. Ojú ewé yẹn la kọ́kọ́ tún ṣe, a ò tíì fọwọ́ kan owó títẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ míì ní `—` níwájú. Ìyẹn kì í ṣe òdo. Àwọn tó wá wọn ni kò tíì pọ̀ tó láti fún wọn ní máàkì.